Súyà, wàrà, obì àti kọfí: ìbéèrè àwọn aboyún àti ìdáhùn wọn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn aboyún máa ń bi àwa agbẹ̀bí lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, pàápàá lẹ́yìn tí a bá ti ka oúnjẹ aṣaralóore fún wọn tán, tí olúkúlùkù wá rọra súnmọ́ni láti béèrè èyí tó ń wu ọ̀fun rẹ̀ gan-an. Mi ò ní to gbogbo oúnjẹ ayé kalẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà ní ìgboro wa, tí ọwọ́ aboyún ń tètè kàn, ni mo gbájú mọ́.

Ọkọ mi ń jẹ ẹ́, kò ṣe é ní nǹkan kan. Kí ló dé tí èmi ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́?

Nígbà tí obìnrin bá lóyún, ara rẹ̀ máa ń dẹwọ́ díẹ̀ nínú bó ṣe ń bá àjèjì jà, torí pé ọmọ tó wà nínú rẹ̀ gba ìdajì àbùdá rẹ̀ lára bàbá. Bí ara ìyá bá le koko bíi ti àtẹ̀yìnwá, kò ní gba ọmọ náà mọ́ra. Àyè tí ara fi sílẹ̀ fún ọmọ yìí ni àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń bá wọlé.

Èyí tí a ń bẹ̀rù jù nínú wọn ni Lìsítẹ́ríà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìlọ́po mẹ́wàá ni ó fi rọrùn fún un láti mú aboyún ju ẹlòmíì lọ. Ọkọ yín lè jẹ ẹran tó ní kòkòrò yìí kí inú kàn run ún lọ́jọ́ kan, kó sì parí síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ lóyún lè má ní ju ara ríro àti ibà díẹ̀ lọ, kí kòkòrò náà sì ti gba inú ibi-ọmọ kọjá sára ọmọ. Oyún lè wálẹ̀, ọmọ lè kú sínú, tàbí kí wọ́n bí i láìpé oṣù pẹ̀lú àìsàn lára. Ara ìyá lè má fi bẹ́ẹ̀ ṣàìsàn nígbà tí gbogbo èyí ń lọ lọ́wọ́.

Iná ń pa Lìsítẹ́ríà, òtútù kò pa á. Nítorí náà, ohun méjì ni kí ẹ máa béèrè nípa oúnjẹ tí ẹ bá rí: ṣé iná wọ̀ ọ́ dé inú, àti pé lẹ́yìn tó kúrò lórí iná, kí ló tún kàn án?

Súyà ńkọ́? Ìyẹn kúkú ti rí iná.

Ó rí iná lóòótọ́, àmọ́ iná wo, ìgbà wo? Ẹ lọ dúró ti onísúyà kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀. Àárọ̀ tàbí ọ̀sán ló ti gún ẹran sórí igi, tó fi ẹyin iná yan án láàbọ̀, tó sì tò ó yí iná ká. Láàárín àkókò yẹn, ẹran náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán, irú ìgbóná tí kòkòrò fẹ́ràn. Nígbà tí oníbàárà bá dé lálẹ́, á mú un, á ta epo sí i, á gbé e sórí iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè ta, á sì gé e sórí pákó. Pákó yẹn náà ni ẹran tútù wà lórí rẹ̀ lọ́sàn-án. Ọ̀bẹ yẹn náà ló fi gé ẹran tútù. Lẹ́yìn náà ló wá fi ọ̀bẹ kan náà gé àlùbọ́sà, tòmátò àti kábéèjì tí kò ní rí iná rárá lé e lórí, ó bu yájì sí i, ó fi bébà wé e.

Ẹ ó rí i pé ibi mẹ́ta ni wàhálà ti lè wọlé: inú ẹran tí kò jiná, pákó àti ọ̀bẹ, àti ewébẹ̀ tútù. Ẹran tó nípọn, tó pupa nínú, ló burú jù, torí pé ó lè gbé kòkòrò mìíràn tí wọ́n ń pè ní Tọsopúlásímà, tó máa ń fara pamọ́ sínú iṣan ẹran. Bó bá jẹ́ ìgbà oyún ni obìnrin kọ́kọ́ kó o, ó lè ba ojú àti ọpọlọ ọmọ jẹ́, nígbà mìíràn kí ó má sì hàn títí ọmọ yóò fi dàgbà díẹ̀.

Bí súyà bá ń wù yín gan-an lóru, bí ẹ ó ṣe rà á nìyí. Ẹ ní kí ó má fi àlùbọ́sà àti kábéèjì sí i. Ẹ mú ẹran náà délé, ẹ dà á sínú páànù gbígbóná, ẹ ro ó títí tí èéfín yóò fi máa rú lára gbogbo rẹ̀, kí ẹ ya èyí tó nípọn jù sí méjì kí ẹ wo inú rẹ̀: kò gbọdọ̀ sí pupa, omi ara rẹ̀ sì gbọdọ̀ mọ́. Ẹni tó bá ní ohun tí a fi ń wọn ìgbóná oúnjẹ, àárín ẹran gbọdọ̀ tó díígírì 74. Ẹ gé àlùbọ́sà tiyín nílé lórí pákó tó mọ́. Ó lè má dùn tó ti ẹsẹ̀ iná, mo gbà, ṣùgbọ́n yájì rẹ̀ wà níbẹ̀.

Kílíṣí ńkọ́? Gbígbẹ nìkan kì í pa kòkòrò, inú páànù náà ni tirẹ̀. Ní ti ásun, wọ́n sábà máa ń sun ewúrẹ́ náà jiná kí wọ́n tó tún fi ata rodo dín in. Tó bá gbóná fòò nígbà tí ẹ gbà á, ẹ jẹ ẹ́.

Mo ti jẹ súyà lọ́sẹ̀ tó kọjá kí n tó mọ̀. Ṣé ọmọ mi ti wọ wàhálà?

Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀pọ̀ súyà ni kò ní kòkòrò yìí nínú, ọ̀pọ̀ aboyún ló sì jẹ ẹ́ tí ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀. Kò sí oògùn tí a óò fún ẹni tí ara rẹ̀ le nítorí pé ó jẹ ẹran lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ rántí ọjọ́ náà. Lìsítẹ́ríà kì í yára bí oúnjẹ tó bàjẹ́ lásán: ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin, nígbà mìíràn ó lè tó nǹkan bí ọjọ́ 70, kí àmì rẹ̀ tó yọ. Bí ibà bá gbé yín láàárín àkókò yẹn, ẹ sọ ohun tí ẹ jẹ fún dókítà. Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ ibà yìí nísàlẹ̀.

Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà, ṣé mo lè jẹ ẹ́?

Ìbéèrè yìí gba kí a mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe wàrà. Wọ́n á gbé mílíìkì màlúù kaná, wọ́n á fún omi ewé bomubomu sínú rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó gbóná títí tí yóò fi dì tí omi yóò fi yà lára rẹ̀. Wọ́n á wá kó èyí tó dì sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi lè ro dànù. Níbi tí wọ́n bá ti jẹ́ kó hó dáadáa, kòkòrò tó bá màlúù wá ti kú. Wàrà ò burú látinú ìkòkò rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìkòkò ni ẹjọ́ wà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yọ ọ́ láti inú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n á dà á sínú omi rẹ̀ nínú igbá tàbí ike, wọ́n á gbé e lérí rìn láti abúlé wá sí ìgboro, oòrùn á pa á, oníbàárà mẹ́wàá á ti fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó le. Omi tí wọ́n bù lé e láti má jẹ́ kó gbẹ lè jẹ́ omi kànga. Nítorí náà, wàrà funfun tí ẹ rà lójú pópó tí ẹ sì jù sẹ́nu níbẹ̀ náà ni mo ní kí aboyún yẹra fún. Èyí tí ẹ gbé délé, tí ẹ gé wẹ́wẹ́, tí ẹ fi iyọ̀ sè fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí tí ẹ dín nínú epo gbígbóná títí tó fi pọ́n, ẹ jẹ ẹ́ kí ẹ gbádùn rẹ̀. Bí ẹ ó bá sọ ọ́ sínú ẹ̀fọ́, ẹ jẹ́ kó bá ọbẹ̀ hó. Ohun tó ń mú ara le, tó sì ń mọ egungun ọmọ, ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má ra wàrà díndín tó ti tutù láti àárọ̀ kí ẹ rò pé díndín àárọ̀ yẹn ṣì ń ṣọ́ ọ. Ẹ tún un gbé kaná.

Ẹni tó bá ń rò pé a kàn ń dẹ́rù bani lórí wàràkàṣì, ó yẹ kí ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lọs Áńjẹ́lẹ́ẹ̀sì ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1985. Wàràkàṣì rírọ̀ irú èyí tí àwọn ará Mẹ́síkò ń jẹ ni Lìsítẹ́ríà wọ̀, torí pé mílíìkì tí iná kò kàn dà pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n fi ṣe é. Nínú èèyàn 142 tí wọ́n kà pé ó mú, 93 ló jẹ́ aboyún tàbí ọmọ wọn. Èèyàn 48 ló kú, tí a bá ka àwọn ọmọ inú oyún mọ́ wọn.

Nọ́nò àti fúrá ńkọ́? Ìyá mi ní kíkan tó kan ti pa kòkòrò inú rẹ̀.

Ẹ sọ fún màmá pé kíkan ń dá àwọn kòkòrò kan dúró, kì í pa gbogbo wọn. Mílíìkì nọ́nò yàtọ̀ sí ti wàrà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò gorí iná rárá: wọ́n á fún un lára màlúù, wọ́n á dà á sínú igbá tí wọ́n fi ṣe ti àná, á sì kan. Yàtọ̀ sí Lìsítẹ́ríà, ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń ṣe màlúù lè wà nínú rẹ̀, àti Búrúsẹ́là, kòkòrò tó ń mú kí màlúù ju oyún rẹ̀ nù. Búrúsẹ́là lè ba oyún èèyàn náà jẹ́. Ó máa ń gbé ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ wá pẹ̀lú òógùn òru àti ìrora oríkèé fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mu nọ́nò dandan, mílíìkì tútù ni kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tà fún yín kí ó tó kan. Ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó kí ó má jó nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó hó wùù, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ wá fi yógọ́ọ̀tì ilé iṣẹ́ ṣíbí kan tàbí méjì mú un kan. Ẹ má gbé nọ́nò tó ti kan tẹ́lẹ̀ kaná, ńṣe ni yóò já. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kì í jẹ́ kí mílíìkì hó: díígírì 72 fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 tó láti pa kòkòrò wọ̀nyí. Àwa tí a kò ní ẹ̀rọ, híhó ni òṣùwọ̀n wa.

Ọ̀nà ìrọ̀rùn jù ni kí ẹ ra yógọ́ọ̀tì tó wá láti ilé iṣẹ́ tí ó ní nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ pò ó mọ́ fúrá tí ẹ ti tún mú gbóná. Mílíìkì alágolo àti oníyẹ̀fun kò ní ìṣòro kankan, torí pé iná ti bá a jà ní ilé iṣẹ́. Àmọ́ bí ẹ bá ti ṣí i, inú fíríìjì ló yẹ kó wà.

Mo máa ń tọ́jú oúnjẹ sínú fíríìjì. Ṣé ìyẹn ò tó?

Lìsítẹ́ríà ń dàgbà nínú fíríìjì. Díẹ̀díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ń dàgbà, ohun tó sì mú un yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ kòkòrò inú oúnjẹ nìyẹn. Ibi tí iná mànàmáná ti ń wá tó ń lọ bíi tiwa, fíríìjì kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù rárá. Nítorí náà, ọbẹ̀ àná gbọdọ̀ hó kí aboyún tó jẹ ẹ́. Kí ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò tó.

Pọ́lónì, ẹran lílọ̀ tó dà bíi sọ́séèjì ńlá, àti sọ́séèjì tí àwọn kan ń gé sí sáláàdì tàbí sáàárín búrẹ́dì láì gbé e kaná náà wà níbí. Láàárín ọdún 2017 sí 2018, ní Gúúsù Áfíríkà, pọ́lónì ni wọ́n tọpa Lìsítẹ́ríà dé lẹ́yìn tí èèyàn tó ju 1,000 ti ṣàìsàn, tí àwọn tó ju 200 sì kú. Àwọn ọmọ tuntun jòjòló pọ̀ gidigidi nínú àwọn tó mú. Jiná ni wọ́n ń se pọ́lónì. Lẹ́yìn tí wọ́n sè é tán nínú ilé iṣẹ́ ni kòkòrò kó sí i. Ọ̀rọ̀ wàrà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Bí ẹ bá fẹ́ sọ́séèjì, ẹ dín in.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kòkòrò yìí ti mú mi? Gbogbo ibà kúkú ni ibà.

Níbí ni ó ti le jù fún wa nílẹ̀ yìí. Ibà, orí fífọ́, ara ríro, ẹ̀yìn dídùn: aboyún tó bá ní ìwọ̀nyí, àwọn ará ilé á ní "ibà ẹ̀fọn ni," wọ́n á ra oògùn ní kẹ́míìsì. Ó sì lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Ká ní oyún ti pé oṣù mẹ́fà. Ibà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyá lo oògùn ibà fún ọjọ́ mẹ́ta láì ṣe àyẹ̀wò, ara rọ̀ ọ́ díẹ̀, ó tún padà gbóná lọ́jọ́ Fúráídè. Ọmọ tó máa ń ta pàńpàń lálẹ́ wá dákẹ́. Ẹni yìí ti fi ọjọ́ mẹ́rin ṣòfò. Ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n ti gún ìka rẹ̀ ṣàyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè náà. Bí àyẹ̀wò bá ní kò sí ibà ẹ̀fọn, tàbí bí ara bá ṣì ń gbóná lẹ́yìn oògùn, kí ìyá sọ ọ́ sí dókítà létí pé: "Mo mu nọ́nò lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn," tàbí "mo jẹ wàrà tútù." Gbólóhùn yẹn ló máa jẹ́ kí dókítà gba ẹ̀jẹ̀ láti fi gbin kòkòrò wò, kó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn tó bá a mu, irú bíi ampisílíìnì, kí èsì tó dé. Oògùn yìí wà, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì lè gba ọmọ là bí wọ́n bá tètè fún ìyá.

Ibi tí ọmọ kò bá ta mọ́, tàbí tí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ẹ má dúró di ọjọ́ kílíníìkì. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ lóru.

Kọfí àti tíì ńkọ́? Ṣé èèwọ̀ ni?

Kì í ṣe èèwọ̀, ìwọ̀n ló ní. Kaféènì ni ohun tó wà nínú wọn tó ń lé oorun lọ. Ó ń gba inú ibi-ọmọ kọjá sára ọmọ, ọmọ kò sì tíì ní ohun èlò tí yóò fi tú u dànù. Ara ìyá náà kì í tètè tú u ká mọ́: ẹni tí kò lóyún lè yọ ìdajì rẹ̀ kúrò lára ní nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ṣùgbọ́n nígbà tí oyún bá wọ oṣù méje sí mẹ́sàn-án, ó lè ju wákàtí mẹ́wàá lọ. Kọfí ọ̀sán ṣì wà lára lóru. Àwọn tó ń mu ún púpọ̀ lè bí ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n, oyún sì lè tètè bàjẹ́ mọ́ wọn lára.

Mílígíráàmù 200 lójúmọ́ ni Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà fi ṣe òpin. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tirẹ̀ sọ ní ọdún 2016 pé aboyún tó bá ń mu ju 300 lọ kí ó dín in kù. 200 ni mo máa ń sọ fún àwọn tèmi.

Ẹ jẹ́ ká bá olùkọ́ kan ṣírò tirẹ̀. Ó mu ife ńlá kọfí oníyẹ̀fun kan kó tó jáde nílé: nǹkan bíi 100. Nígbà ìsinmi àwọn ọmọ iléèwé, ó mu ife tíì kan: 75. Ọ̀sán mú, ó fi ìgò kóòkì kan ti búrẹ́dì lẹ́sẹ̀: nǹkan bíi 50. Ó ti di 225, ó ti kọjá òpin, kò sì mu ju ife kọfí kan ṣoṣo lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, orí ń fọ́ ọ, ó lo Pánádọ́ọ̀lù Ẹ́sítírà méjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ pé kaféènì wà nínú oògùn yẹn, 65 nínú hóró kọ̀ọ̀kan. 130 tún wọlé, gbogbo rẹ̀ di 355.

Kò yẹ kí olùkọ́ yìí sá fún kọfí rẹ̀. Kí ó mu ún láàárọ̀, kí ó fi omi tàbí ohun mímu oníkòkó tó fẹ́lẹ́ rọ́pò tíì, kí ó jáwọ́ nínú kóòkì, kí ó sì lo parasitamọ́ọ̀ lásán bí orí bá ń fọ́ ọ. Tó bá jẹ́ tíì ló wù ú, kí ó má mu ún ti oúnjẹ, torí tíì kì í jẹ́ kí ara rí ohun tó fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ gbà dáadáa nínú oúnjẹ àti nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a fún un. Kí ó tó wákàtí kan sí méjì láàárín wọn. Ẹ́nájì dírínkì alágolo, ní tèmi, kí ó máa wà ní ṣọ́ọ̀bù títí ẹ ó fi bímọ.

Obì wà nínú àdúrà wa. Ṣé n kò ní fẹnu kàn án níbi ìsọmọlórúkọ?

Ẹ fẹnu kàn án. Àwẹ́ kékeré kan tí ẹ gé jẹ níbi àdúrà kò ní da nǹkan kan rú. Ẹni tí mò ń bá wí ni èyí tó ń jẹ obì lójoojúmọ́ torí èébì òwúrọ̀ tàbí torí pé ó ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù di aago mẹ́wàá alẹ́. Kaféènì ló kún inú obì, gbànja àti àbàtà. Gbànja ńlá kan lè gbé ìwọ̀n tó wà nínú ife kọfí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obì kan yàtọ̀ sí èkejì, kò sí ẹni tó kọ iye sí i lára, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé fi ṣírò bíi ti tíì. Ọjọ́ tí ẹ bá ti jẹ obì, ẹ fi kọfí sílẹ̀.

Fún èébì òwúrọ̀, atalẹ̀ tí ẹ fi omi gbígbóná sè sàn ju obì lọ.

Ẹmu funfun kì í ṣe ọtí, àbí?

Ọtí ni. Láti orí ọ̀pẹ ló ti ń kan nínú agbè. Èyí tó dùn láàárọ̀ ti le ní ìrọ̀lẹ́, kò sì sí bí ẹni tó ń mu ún ṣe lè mọ ibi tó dé. Kò sí ìwọ̀n ọtí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní ṣe ọmọ inú ní nǹkan. Ọpọlọ ọmọ ló máa ń bà jẹ́ jù, ìpalára yẹn kì í sì í lọ.

Èyí tó ń yọ́ wọlé jù ni àgbo. Àgbo tí wọ́n fi omi sè ní ìṣòro tirẹ̀, torí a kì í mọ ewé tó wà nínú rẹ̀ tàbí bí ó ti pọ̀ tó. Èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, àti páraga, ọtí líle pọ́ńbélé ni. Obìnrin tó ní òun ò mu ọtí rí lè máa mu ṣọ́ọ̀tì kan láràárọ̀ nítorí jẹ̀díjẹ̀dí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọtí dúdú tí wọ́n ní ó ń fún ni lẹ́jẹ̀: kò fún ẹnikẹ́ni lẹ́jẹ̀.

Mọ́ọ̀tì, mílíìkì àti ẹyin tútù ńkọ́, fún ẹ̀jẹ̀?

Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì alágolo kò burú, àfi pé ṣúgà rẹ̀ pọ̀ fún ẹni tí dókítà bá ti kìlọ̀ fún. Ẹyin tútù ni kí ẹ yọ kúrò. Sàmónẹ́là lè wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà líle tó lè gbẹ omi ara aboyún. Ẹ se ẹyin náà títí tí pupa inú rẹ̀ fi le.

Wọ́n ní kí n má jẹ ìgbín kí ọmọ má baà máa dátọ́, kí n má sì jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà nítorí òkè orí ọmọ.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ló sọ ọ́, n kò sì ní bá ìyá ọkọ ẹnikẹ́ni jà. Ìgbín kì í mú ọmọ dátọ́. Gbogbo ọmọ ló ń dátọ́ nígbà tí eyín bá fẹ́ yọ. Ìgbín tí ẹ fọ̀ dáadáa tí ẹ sè jiná ń fún ni ní ohun tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò kan òkè orí ọmọ rárá.

Ẹ̀dọ̀ ńkọ́? Nọ́ọ̀sì kan ló ní kí n máa jẹ ẹ́.

Ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá wà nínú ẹ̀dọ̀ lóòótọ́, ìdí tí nọ́ọ̀sì fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Fítámì A inú rẹ̀ ló pọ̀ jù. Èyí tó wà nínú ègé ẹ̀dọ̀ màlúù tó wúwo tó gíráàmù 100 lè pọ̀ ju ohun tí aboyún nílò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lọ, bí ó bá sì ń pọ̀ jù nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó lè da bí ẹ̀yà ara ọmọ ṣe ń tò rú. Ní Bìrìtìkó, wọ́n ní kí aboyún má jẹ ẹ́ rárá. Nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ègé kékeré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọbẹ̀, kì í ṣe lójoojúmọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún yín ní kílíníìkì ló ń ṣiṣẹ́ yẹn láìmú fítámì A wá.

Ẹja wo ni kí n jẹ?

Títúùsì, sáwà, sàdíìnì, pańla, ẹja àrọ̀ tó jiná: gbogbo wọn ló dára. Ẹja ńlá inú òkun tó ń jẹ ẹja bíi tirẹ̀, irú bí ẹja ekurá, ni kí ẹ yẹra fún, torí májèlé mẹ́kúrì ń kóra jọ sínú ẹran ara rẹ̀, iná kì í sì í yọ ọ́.

Ẹnu mi ń fẹ́ ẹfun. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Lọ́ńdọ̀nù náà ń rà á.

Ó ń ṣe ọ̀pọ̀ aboyún, ẹ má tijú. Àwọn aláṣẹ oúnjẹ ní Bìrìtìkó ti kìlọ̀ fún àwọn aboyún láti ọdún 2002 nítorí òjé tí wọ́n bá nínú irú amọ̀ funfun tí wọ́n ń kó wá láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, sísun tí wọ́n sun amọ̀ náà kò sì mú un kúrò. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń fẹ́ amọ̀ tàbí yìnyín lójú méjèèjì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ní kílíníìkì tó ń bọ̀, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí oògùn ẹ̀jẹ̀ bá ti ń wọra, ìyánnú náà sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀.